Bó o ṣe máa kí ẹni tí lẹ́tà ẹ̀ jáde ṣáájú tìẹ

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Mà. Iléṣà ni mò ń gbé, sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Àbúrò kan wà ní ọ́fíìsì wa, mo fi ọdún 8 jù ú lọ, èmi ni mo sì kọ́ ọ níṣẹ́ nígbà tó dé. Lẹ́bẹ́ẹ̀lì 9 làwa méjèèjì jọ wà, a jọ ṣe ìdánwò ìgbéga, lẹ́tà tiẹ̀ ti jáde sí lẹ́bẹ́ẹ̀lì 10, tèmi ò tíì jáde. Lọ́jọ́ tó gbà á, mo kí i níṣojú gbogbo èèyàn, mo ní 'O kú oríire o, Ọlọ́run á ṣe tiwa náà, ṣebí èmi náà ni mo kọ́ ẹ.' Àwọn kan rẹ́rìn-ín, òun náà kàn wò mí. Mo ṣì fẹ́ kí i dáadáa. Kí ni mo máa sọ tí wọn ò fi ní rò pé mò ń jowú, tí kò sì ní dà bíi pé mò ń fojú ọmọdé wò ó?"

Àbúrò mi, mo ka ọ̀rọ̀ ẹ lẹ́ẹ̀mejì, nǹkan kan wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ ká kọ́kọ́ gbé kúrò lọ́nà ná, torí òun gan-an ló ń ti ọ̀rọ̀ jáde lẹ́nu ẹ. O ní lẹ́tà tìẹ ò tíì jáde, àmọ́ bó o ṣe kọ ọ́, ńṣe ló dà bíi pé wọ́n ti já ẹ. Ọdún 29 ni mo fi ṣiṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, Ifẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀, Iléṣà níbí ni mo ti fẹ̀yìn tì, ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ni mo sì ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀, ọwọ́ mi yìí náà ni mo fi máa ń pín irú lẹ́tà yẹn. Láti lẹ́bẹ́ẹ̀lì 7 sókè, kọmíṣọ̀n tó ń rí sí iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ l'Óṣogbo ló ń fọwọ́ sí i, gbogbo ẹ̀ kì í sì í dé lẹ́ẹ̀kan náà, ó lè jẹ́ méjìlá lónìí, kó wá ku márùn-ún di oṣù tó ń bọ̀. Fáìlì ẹnì kan lè wà nílẹ̀ torí pé fọ́ọ̀mù épà ọdún kan péré ò sí níbẹ̀, ìyẹn fọ́ọ̀mù tí ọ̀gá ẹni fi ń gbé iṣẹ́ ẹni yẹ̀ wò lọ́dọọdún, tàbí torí pé ẹni tó to fáìlì gbàgbé láti fi fọ́tòkọ́pì sátífíkéètì sí i. Ẹni méjì lè gba lẹ́tà ní oṣù tó yàtọ̀ síra, kí ọjọ́ tí wọ́n kọ sínú ẹ̀ pé ìgbéga ti bẹ̀rẹ̀ sì jẹ́ ọjọ́ kan náà. Torí náà o ò tíì mọ̀ bóyá ó yege jù ẹ́ lọ, ohun tó o mọ̀ ò ju pé lẹ́tà tiẹ̀ ló kọ́kọ́ dé. Ẹni tó bá ti gbà lọ́kàn ara ẹ̀ pé òun ti pàdánù, kò sí bó ṣe lè ṣọ́ ẹnu tó tí ìpàdánù yẹn ò ní yọ jáde nínú ìkíni ẹ̀.

Wá wo ohun tó o sọ lọ́jọ́ yẹn. Kò sí ọ̀rọ̀ burúkú kankan nínú ẹ̀, àwọn tó rẹ́rìn-ín yẹn náà máa ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n gbólóhùn mẹ́ta lo sọ, ẹyọ kan ṣoṣo ló jẹ́ tiẹ̀, méjì tó kù, tìẹ ni. Ọlọ́run á ṣe tiwa, ìwọ nìyẹn. Èmi ni mo kọ́ ẹ, ìwọ náà tún nìyẹn. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ìlara ní ọ̀rọ̀ tiẹ̀, pé ìfojúkéré náà ní ọ̀rọ̀ tiẹ̀, wọ́n á wá máa wá ọ̀rọ̀ tí kò ní ìkankan nínú, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ojú ọ̀nà kan náà làwọn méjèèjì ń gbà wọlé: ẹni tó wá kíni ló lọ jókòó sáàárín ìkíni náà. Tó bá jókòó síbẹ̀ bí ẹni tí nǹkan ń wù, àwọn èèyàn á ní ó ń jowú. Tó bá jókòó síbẹ̀ bí àgbà tó ń fọwọ́ pa ọmọ lórí, wọ́n á ní ó ń fojú kéré ẹni. Ìwọ jókòó síbẹ̀ lọ́nà méjèèjì láàárín ìṣẹ́jú kan ṣoṣo, mi ò fi bú ẹ o, ara tó ń ta èèyàn ló máa ń fà á.

Ọ̀rọ̀ "Ọlọ́run á ṣe tiwa náà" yẹn ni mo fẹ́ dúró lé díẹ̀, torí àdúrà tó dáa ni, a ò sì lè ní kí Yorùbá má ṣe é mọ́. Ẹnu ẹni tó yẹ kó ti jáde ni wàhálà ibẹ̀. Rántí bí a ṣe ń ṣe níbi ìsọmọlórúkọ. Ìwọ tó o wá á ní "ẹ kú ọwọ́ lómi", ìyá ọmọ á dá ẹ lóhùn pé "a dúpẹ́ o, ayọ̀ á kárí, tiyín náà á dé", ìwọ á wá ní "àmín". Ẹni tí ayọ̀ wà lọ́wọ́ ẹ̀ ló máa ń bu díẹ̀ fún ẹni tó wá kí i. Tí obìnrin kan bá wá débẹ̀ tó jẹ́ pé òun fúnra ẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ pé "tèmi náà á dé o", kíákíá làwọn tó wà níbẹ̀ á ti mọ̀ pé ó ti ń wá ọmọ, àánú ẹ̀ á ṣe wọ́n, ìyá ọmọ ò tiẹ̀ ní mọ̀ bóyá kó rẹ́rìn-ín ni àbí kó pa á mọ́ra. Bó ṣe rí nínú ọ́fíìsì náà nìyẹn. Nígbà tó o gba àdúrà yẹn ṣe fúnra ẹ, o ti gba ohun tó yẹ kí àbúrò yẹn fún ẹ lọ́wọ́ ẹ̀, ó wá ku kó máa wò ẹ́. Fi àyè yẹn sílẹ̀ fún un. Nínú mẹ́wàá tó o bá kí, ó ṣòro kí ẹnì kan má sọ ọ́, tó bá sì ti sọ ọ́, àmín tó o máa ṣe á wúwo ju èyí tó o gbà fúnra ẹ lọ, kò sì sẹ́ni tó máa pè é ní owú.

Ní ti ìfojúkéré, ọ̀rọ̀ tó ń fà á ò le létí rárá, ìdí nìyẹn tí a kì í fi í mọ̀ ọ́n. Lọ́dún 2003, nígbà tí mo ṣì wà n'Ífẹ̀, obìnrin kan tí a jọ wọṣẹ́ gba lẹ́bẹ́ẹ̀lì 12 ṣáájú mi. Mo lọ bá a nídìí tábìlì ẹ̀, mo sì fi tọkàntọkàn sọ fún un pé "O gbìyànjú gan-an ni, mo ti mọ̀ tipẹ́ pé o máa débẹ̀, ṣá rọra ṣe é o, ipò ńlá ni." Ó dúpẹ́, mo lọ. Ó tó oṣù méjì lẹ́yìn ẹ̀ tí a jọ ń dúró de mọ́tò ní Lágerè, ó wá sọ fún mi pé, "Ọjọ́ tó o kí mi yẹn, ńṣe ló dà bíi pé o ń fún mi ní máàkì." Ó dùn mí, àmọ́ nígbà tí mo délé tí mo ro ó, òótọ́ ló sọ. "O gbìyànjú" lohun tí tíṣà máa ń kọ sínú ìwé ọmọ tó gba márùn-ún nínú mẹ́wàá. "Mo ti mọ̀ pé o máa débẹ̀" túmọ̀ sí pé èmi ni mo ń ṣọ́ ọ látọjọ́ yìí, èmi ni mo sì lè sọ ibi tó lè dé. "Rọra ṣe é" sì ni ìmọ̀ràn tí kò béèrè lọ́wọ́ mi. Ẹgbẹ́ ni wá o, ọjọ́ kan náà la wọṣẹ́, òun tiẹ̀ ti wá wà níwájú báyìí, síbẹ̀ orí àga tó ga ju tiẹ̀ lọ ni mo ti ń bá a sọ̀rọ̀. Látọjọ́ náà, tí mo bá fẹ́ kí èèyàn, mo máa ń bi ara mi léèrè pé ọ̀rọ̀ yìí, ṣé mo lè sọ ọ́ fún ẹni tó jẹ́ ọ̀gá mi? Ta ló máa wo ọ̀gá ẹ̀ lójú kó ní "o gbìyànjú"? Tí mi ò bá lè sọ ọ́ fún ọ̀gá mi, kò yẹ kí n sọ ọ́ fún ẹgbẹ́ mi tàbí àbúrò mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gòkè.

Àwọn ọ̀rọ̀ míì tún wà tó jọ ìyìn àmọ́ tí kì í ṣe ìyìn. "Orí ẹ dáa o" máa ń dùn tó bá jẹ́ pé jàǹbá ló yọ nínú ẹ̀, àmọ́ ẹni tó kàwé òru kó tó lọ ṣe ìdánwò, tó o bá sọ fún un pé orí ẹ̀ ló dáa, o ti kó iṣẹ́ ẹ̀ dà nù. "Ẹ̀yin lẹ mọ ọ̀nà" burú jùyẹn lọ, torí òun àti gbogbo ẹni tó gbọ́ mọ̀ pé ohun tó o ń sọ ni pé ẹnì kan ló gbé e wọlé. "Ọ̀gá wa tuntun, ẹ má gbàgbé wa o" tí a máa ń ké tòkètòkè láti ẹnu ọ̀nà náà, inú ń dùn ni a fi ń sọ ọ́ nígbà míì, ṣùgbọ́n tó bá ti ẹnu ẹni tí lẹ́tà ẹ̀ ò tíì dé wá, etí méjì ni wọ́n á fi gbọ́ ọ.

Kí ló wá kù tó o lè sọ? Ó pọ̀. "O kú oríire" wà níbẹ̀, kò sì sí ohun tó rọ́pò ẹ̀. Lẹ́yìn ẹ̀, sọ ohun kan tí òun fúnra ẹ̀ ṣe, tí ojú ẹ rí, ohun kan ṣoṣo péré. Kì í ṣe "o máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa", torí ìyẹn tún ti di máàkì. Mú ọjọ́ kan tó o rántí. Jẹ́ ká sọ pé òun ló dúró lẹ́yìn iṣẹ́ nígbà tí nọ́mínà róòlù dàrú, ìyẹn ìwé orúkọ gbogbo òṣìṣẹ́, tó ń fi orúkọ kọ̀ọ̀kan wé fáìlì. Tàbí òun ló wá fáìlì bàbá kan jáde nígbà tó ku oṣù díẹ̀ kí bàbá yẹn fẹ̀yìn tì, tí gbogbo yín ti ní ó ti sọnù. Tó o bá ní "Mi ò tíì gbàgbé ọjọ́ tó o wá fáìlì bàbá yẹn jáde", o ò tíì yẹ̀ ẹ́ wò, ohun tó ṣe lo kàn sọ, òun náà á sì mọ̀ pé o rí òun. Ohun tó jẹ́ kí èyí máa gba ìlara lẹ́nu èèyàn ni pé ẹni tó ń jowú kì í rántí irú nǹkan bẹ́ẹ̀, lẹ́tà nìkan ló ń rí. Ó sì dáa fún ìwọ alára, torí o ò ní láti sọ pé inú ẹ dùn tó bá jẹ́ pé kò tíì dùn tán, ohun tó ṣẹlẹ̀ lo sọ, kò sí irọ́ níbẹ̀.

Mọ orúkọ ipò náà dáadáa kó o tó lọ o. Tó bá jẹ́ ẹ̀ka ẹsẹkutíìfù lẹ wà, Síníọ̀ Ẹsẹkutíìfù Ọ́físà lẹ jọ jẹ́ ní 9, ní 10 ó ti di Pírínsípà Ẹsẹkutíìfù Ọ́físà Kejì. Mo ti gbọ́ ọ rí tẹ́nì kan ń kí ẹni tó ti 10 bọ́ sí 12 pé "o kú lẹ́bẹ́ẹ̀lì 11", a ò ní 11 nínú iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, gbogbo òṣìṣẹ́ ló sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, ojú ẹsẹ̀ ni ẹni yẹn mọ̀ pé kò kà á sí.

Lẹ́yìn náà ni àdúrà, torí ìkíni tí kò ní àdúrà lẹ́yìn máa ń gbẹ lẹ́nu wa. Ibí yìí gba ìṣọ́ra ju bí èèyàn ṣe rò lọ. Àdúrà wa pín sọ́nà méjì, àwọn kan ń pe ohun rere wá, àwọn kan ń lé ohun búburú lọ. "O ò ní ṣubú níbẹ̀", "ọ̀tá ò ní rí ẹ gbé ṣe", "ẹsẹ̀ ẹ ò ní yẹ̀", gbogbo ẹ̀ ló dáa lẹ́nu ìyá ẹni tàbí lẹ́nu pásítọ̀ àti ààfáà. Àmọ́ lẹ́nu ẹni tí a jọ ń dupò, ìṣubú yẹn ni etí máa kọ́kọ́ gbọ́, kó tó gbọ́ "kò ní", onítọ̀hún á máa rò ó dé ilé pé kí ló dé tó fi jẹ́ pé ìṣubú ló wá sí ẹ lọ́kàn. Èyí tó ń pe rere ni kó o mú. "Wàá fi àlàáfíà lò ó." "Ọlọ́run á fi àlùbáríkà sí i." "Á tù ẹ́ lára." Ẹyọ kan tó. Tí àdúrà bá ti gùn ju ìkíni lọ, èèyàn á ti di àgbà tó ń wúre lé ọmọ lórí, a ti tún padà síbi tí a ti kúrò nìyẹn.

O ò béèrè nípa bí wàá ṣe máa pè é, ṣùgbọ́n ó wà nínú ọ̀rọ̀ náà. O ti ń sọ "o" fún un látọjọ́ tó dé, torí ọdún 8 kì í ṣe kékeré. Tó bá di ọ̀la tó o ṣàdédé yí i sí "ẹ", tó o ń ní "ẹ káàárọ̀ sà", ẹ̀gàn ló máa jọ, òun gan-an ò ní gbádùn ẹ̀. Tó o bá sì wá ń pè é lórúkọ ṣákálá, tó o ń rán an níṣẹ́ lójú àwọn lẹ́bẹ́ẹ̀lì 6 àti 7 tó yẹ kó máa darí, o ti ń já a kulẹ̀ nìyẹn, bó ò tiẹ̀ ní in lọ́kàn. Ohun tí mo rí tó máa ń gún ni pé lábẹ́lẹ̀ kí gbogbo ẹ̀ wà bó ṣe wà, òun á máa pè ẹ́ ní àǹtí tàbí mà, ìwọ á máa sọ "o". Lójú àwọn òṣìṣẹ́ tó kéré sí i àti nínú mítìn-ìn, sọ ọ́ di "Ọ̀gbẹ́ni Báyìí", kó o sì lo "ẹ". Àwọn ọ́fíìsì kan wà tí wọn kì í ka èyí sí rárá, wo bí ti yín ṣe rí. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ ìkíni, ohùn tó o fi ń bá a sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ ni kó o lò, kí ó lè mọ̀ pé ìwọ kan náà ni.

Ní báyìí, ohun tó o máa ṣe lọ́sẹ̀ yìí. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó o sọ yẹn, ọ̀nà méjì ló wà. O lè lọ bá a kó o ṣàlàyé pé kì í ṣe bó ṣe gbọ́ ọ lo ní in lọ́kàn. O sì lè fi ìyẹn sílẹ̀, kó o lọ kí i ní tuntun. Èyí kejì ni mo fara mọ́. Àlàyé máa ń gùn, inú ẹ̀ lo sì tún wà látòkè délẹ̀, "èmi ò jowú", "èmi ò sọ ọ́ bẹ́ẹ̀", àbúrò yẹn á wá di ẹni tó ń pẹ̀tù sí ẹ nínú lórí ayọ̀ ara ẹ̀. Tí òun bá fẹnu ara ẹ̀ dá a sílẹ̀ nìkan ni kó o sọ ọ́, kó o sì sọ ọ́ ní kúkúrú: "Bẹ́ẹ̀ ni, ó bọ́ lẹ́nu mi lódì lọ́jọ́ yẹn, má bínú." Kó tán síbẹ̀.

Lọ láàárọ̀, kí èrò tó pọ̀, nǹkan bí aago mẹ́jọ ààbọ̀, kó má jẹ́ ìgbà tí iṣẹ́ bá wà níwájú ẹ̀. Má jókòó, má fara ti tábìlì ẹ̀. Lọ pẹ̀lú ọwọ́ òfìfo tàbí mọ́ọ̀tì tútù kan, má ra nǹkan ńlá, ẹ̀bùn ńlá látọwọ́ ẹni tí lẹ́tà ẹ̀ ò tíì dé máa ń jẹ́ kí wọ́n máa wádìí ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀. Kó o wá ní: "Mo ní kí n wá kí ẹ dáadáa. O kú oríire. Ọjọ́ tó o wá fáìlì bàbá yẹn jáde, mo rántí ẹ̀ nígbà tí mo gbọ́ pé lẹ́tà ti dé. Ọlọ́run á fi àlùbáríkà sí i." Kó o dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ló ṣòro jù, torí ibẹ̀ ni "ṣebí èmi ni mo kọ́ ẹ" ti máa ń fẹ́ yọ orí. Òun ló máa sọ ọ́ tó bá fẹ́. Tó bá ní "ẹ̀yin lẹ kọ́ mi o, mà", má jiyàn, má sì fi kún un, "ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run" ti tó. Tó bá ní "tiyín náà á dé láìpẹ́", ṣe àmín, kó o padà sídìí iṣẹ́ ẹ. Gbogbo ẹ̀ ò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú méjì lọ.

Ní gúrúùpù wásáàpù, ìlà kan péré ni kó o kọ, kó o sì kọ ọ́ lọ́jọ́ tí àwọn tó kù ń kọ tiwọn. Tó ti kọjá báyìí, má ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ jí i, ojúkojú tó o lọ ti borí ẹ̀. Tí wọ́n bá sì ti ń pariwo pé kó wá fọ lẹ́tà náà, pé kí ló máa rà fún ọ́fíìsì, má jẹ́ kó jẹ́ ìwọ ló máa ṣíwájú. Ìwọ tó o ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ mọ̀ pé lẹ́tà kì í ṣe owó. Wọ́n ní láti ṣe fárìéṣọ̀n, ìyẹn ìwé tí wọ́n fi ń yí owó oṣù padà, kí owó tuntun tó wọ inú owó oṣù ẹ̀, ó sì lè gba oṣù bíi mélòó kan, áríà ẹ̀, ìyẹn owó tó yẹ kó ti gbà sẹ́yìn, sì lè pẹ́ jùyẹn lọ. Mo ti rí ẹni tó yá owó ra iyán àti ẹran ìgbẹ́ fún odindi ọ́fíìsì nítorí irú ariwo bẹ́ẹ̀, tí owó lẹ́bẹ́ẹ̀lì tuntun ò sì tíì dé títí tó fi san gbèsè yẹn tán. Tó o bá lè fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ fún wọn pé "ẹ jẹ́ kí fárìéṣọ̀n ẹ̀ jáde ná", o ti ṣe é lóore tí ìkíni mẹ́wàá ò lè ṣe, láìjẹ́ pé o tiẹ̀ wo apá ibi tó wà.

Tó bá jẹ́ pé ó ṣì ń dùn ẹ́ gan-an, tí ojú ẹ fẹ́ kún fún omi tó o bá ń ronú àtilọ, dúró di ọ̀la tàbí ọ̀túnla. Àmọ́ má jẹ́ kó kọjá ọ̀sẹ̀ kan, torí ẹni tí kò kíni náà ti kíni, ìtumọ̀ ẹ̀ ni wọ́n á máa wá. Kò burú pé ó dùn ẹ́. Ọdún mẹ́ta ló kéré jù tí wọ́n ń lò lórí lẹ́bẹ́ẹ̀lì kan níbi tẹ́ ẹ wà yẹn, ẹni tó bá sì mọ ohun tí ọdún mẹ́ta jẹ́ nínú iṣẹ́ ìjọba, pẹ̀lú owó ilé ìwé ọmọ, á mọ̀ pé kì í ṣe ojúkòkòrò lo ń ṣe. Lọ sọ ọ́ fún ọkọ ẹ tàbí ọ̀rẹ́ tí kò sí ní sẹkitéríàtì yẹn, sọ ọ́ tán pátápátá níbẹ̀, kó má bàa jẹ́ pé nídìí tábìlì àbúrò yẹn ni ìyókù máa tú sí.

Mi ò lè ṣèlérí fún ẹ pé àwọn tó rẹ́rìn-ín ò ní rẹ́rìn-ín mọ́. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé tó o bá kí i, o ń díbọ́n, tí o ò bá kí i, o ń jowú, kò sí ọ̀rọ̀ tó lè wo ìyẹn sàn, má dá wọn lóhùn. Òun fúnra ẹ̀, ohun tó máa fi mọ inú ẹ ò ní jẹ́ ohun tó o sọ nìkan, á máa wo bí fáìlì tó bá béèrè lọ́wọ́ ẹ ṣe ń yá dé ọwọ́ ẹ̀ sí láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin tó tẹ̀ lé e. Tó bá jẹ́ pé ọjọ́ kan náà lo máa ń fún un tẹ́lẹ̀, tó wá di pé ọjọ́ mẹ́ta ló ń gbà báyìí, ìkíni ẹ ti bà jẹ́ nìyẹn, bó ti wù kó dùn tó.

Ní ti lẹ́tà tìẹ, má bi àbúrò yẹn léèrè ohunkóhun nípa ẹ̀ lọ́jọ́ tó o bá lọ kí i, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ó lè mọ nǹkan kan. Lọ́jọ́ míì, lọ sí ẹ̀ka tó ń rí sí òṣìṣẹ́, béèrè bóyá orúkọ ẹ wà nínú àwọn tí wọ́n ń dúró dè, kó o sì ní kí wọ́n bá ẹ wò ó bóyá épà ọdún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé nínú fáìlì ẹ. Tí kò bá pé, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa sọ ọdún tí kò sí fún ẹ, kó o lọ bá ẹni tó jẹ́ ọ̀gá ẹ lọ́dún yẹn kó wá fọwọ́ sí i. Tó bá pé tí orúkọ ẹ ò sì sí níbẹ̀, kọ lẹ́tà sí kọmíṣọ̀n, kí ó gba ọwọ́ ọ̀gá ẹ̀ka yín kọjá, ọ̀rọ̀ ìdánwò àti ọjọ́ tó o ṣe é nìkan ni kó wà nínú ẹ̀, má dárúkọ ẹnikẹ́ni tó ti gba tiẹ̀ síbẹ̀.